Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa fólíìkì ásíìdì táwọn SS ń lò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí ọmọ SS àtẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SS fúnra yín, ẹ má dúró dìgbà tí kíráísìsì bá dé kẹ́ ẹ tó rántí fólíìkì ásíìdì. Hóró yẹ́lò kékeré yẹn kì í ṣe oògùn ìrora o, kò lè dá kíráísìsì dúró. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni AA ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú, ti SS kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ, torí náà mùdùnmúdùn inú egungun ò ráyè sinmi, gbogbo ìgbà ló ń ṣe tuntun, fólétì, tí fólíìkì ásíìdì jẹ́ irú ẹ̀ kan, sì wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ṣe é. Tí fólétì ò bá tó, sẹ́ẹ̀lì á tóbi rẹ̀bẹ̀tẹ̀ láìgbó dáadáa, wọn ò sì ní pọ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ á wá máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora kankan tó máa ta yín lólobó. Torí ẹ̀ la ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, tára bá le tára ò le. Ní Nàìjíríà níbí, mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ làwọn dókítà sábà máa ń kọ, ti ọmọ kékeré lè máà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì fi bílọ́ọ̀dù tóníìkì rọ́pò ẹ̀. Èyí máa ń ká mi lára gan-an, torí èyí tó pọ̀ jù nínú tóníìkì wọ̀nyẹn ló ní áyọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ áyọ́ọ̀nù inú sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ kì í sábà jáde lára, ẹni tí wọ́n bá sì ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, tiẹ̀ lè ti pọ̀ débi tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Àfi tí àyẹ̀wò bá ní ó kù ni kẹ́ ẹ lò ó.

Èyí tó léwu jù ni kẹ́ ẹ máa fi kún fólíìkì nígbà tẹ́jẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún méje kan, PCV ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó mọ́ ọn lára 24 ni, ibà díẹ̀ mú un, nígbà tó máa di bí ọ̀sẹ̀ kan ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ funfun, ó ń mí gúlegúle, ìyá ẹ̀ wá ń fún un ní hóró mẹ́ta lójúmọ́. Wọ́n dé ọsibítù, PCV ti di 12. Wọ́n ka retikulosáìtì, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní páfófáírọ́ọ̀sì B19 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń dá mùdùnmúdùn dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fólíìkì tó wù kẹ́ ẹ dà sí i kò lè jí i, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà sí i lára títí tó fi máa padà ṣiṣẹ́. Ẹ mọ PCV ọmọ yín nígbà tára ẹ̀ bá yá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, dókítà máa bi yín. Tó bá sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó jẹ́ SS nílé, ẹ gbé òun náà lọ fún àyẹ̀wò, torí fáírọ́ọ̀sì yẹn máa ń ràn.