Àmì orí lẹ́tà kì í ṣe lẹ́tà: ìrírí mi lórí àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò ààbò àwọn wẹ́dà

Fáìlì tí mo rò pé mo ti parí padà wá bá mi, ìlà tó lé ní ọgọ́ta nínú rẹ̀ ló pọ́n. Fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò fún àwọn wẹ́dà ni, ìṣẹ́jú 18, àkọlé ìsàlẹ̀ 214. Ìlànà tí wọ́n fún mi kò le rárá: ìlà kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, kò gbọdọ̀ ju ìlà méjì lọ lójú fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, òǹwòran kò sì gbọdọ̀ máa ka ju lẹ́tà 15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò ló ní mi ò tẹ̀lé e. Mo gba ètò náà gbọ́, mo sì fi odindi ọjọ́ mẹ́ta gé ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n gé. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ìkìlọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là ni mo gé.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe gbọ́ ohùn olùkọ́ tàbí bí mo ṣe fi àsìkò sí àkọlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni mo fẹ́ bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan. Olùkọ́ dúró ti sílíńdà ọ́síjìn, ó ń kìlọ̀ pé epo tàbí gírísì kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ló fi sọ ọ́ tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a bá fi 15 sọ 3 di púpọ̀, lẹ́tà 45 ni a ní, àlàfo àti àmì ìdánudúró wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

Ẹ má ṣe jẹ́ kí epo tàbí gírísì kankan fara kan ẹnu sílíńdà ọ́síjìn.

Lẹ́tà 65 nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa kà á tán ní ìṣẹ́jú àáyá 3, pàápàá ẹni tó tún gbọ́dọ̀ máa wo ohun tí ọwọ́ olùkọ́ ń ṣe. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. «Má ṣe jẹ́ kí» pẹ̀lú «fara kan» gùn, «má fi» pẹ̀lú «kan» sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. «Kankan» kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ojú ń rí sílíńdà lórí fídíò, nítorí náà kò di dandan kí n tún dárúkọ rẹ̀. Ó wá di:

Ẹ má fi epo tàbí gírísì kan ẹnu ọ́síjìn.

Lẹ́tà 39, ìyẹn 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà kan ṣoṣo ló gbà. Ìkìlọ̀ náà pé, epo wà níbẹ̀, gírísì wà níbẹ̀. Mi ò yọ «Ẹ» tó wà níbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì ni ǹ bá fi jèrè, torí àwọn àgbà wà lára àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ààbò yìí, a kì í sì í pàṣẹ fún àgbà bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Inú mi dùn sí ìlà yìí gan-an.

Ètò náà ní lẹ́tà 51 ni. Ó ní 17 ni ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ní ó ju lẹ́tà 42 lọ, ó sì kùn ún ní pupa lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó fà á ni mi ò tètè mọ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú «à» lọ́nà méjì. Ó lè fi í pamọ́ bí ohun kan ṣoṣo, ó sì lè fi «a» pamọ́ kó wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e bí ohun kejì. Lójú wa, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀nà kejì ni kíbọ́ọ̀dù mi ń lò, ó sì ń ya àmì ìsàlẹ̀ «ẹ» àti «ọ» sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Àmì 12 ló wà nínú ìlà yẹn, ètò náà sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí lẹ́tà: 39 àti 12, ó di 51. Èdè tí kò ní àmì kò lè kó sí irú wàhálà yìí láéláé. Àwa tí a kọ èdè wa bó ṣe yẹ ni wọ́n ń fìyà jẹ.

Ẹnì kan máa sọ pé kí n yí fáìlì padà sí ọ̀nà kìíní, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC. Mo ṣe é. Ìlà wa yìí bọ́ sí 40, ó kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí «ọ̀» tàbí «ẹ́» nínú Unicode bí ohun kan ṣoṣo. Lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń jẹ́ méjì nígbà gbogbo. «Họ́ọ̀sì» tó jẹ́ lẹ́tà 5 ṣì ń jẹ́ 7. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tí fídíò ààbò àwọn wẹ́dà ń tún sọ ṣáá: ọwọ́, ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́, họ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́. Àwọn gan-an ni.

Kí n tó mọ gbogbo èyí ni mo ti ń gé. Láti mú kí pupa yẹn lọ, mo sọ ìlà ọ́síjìn di «Ẹ má fi epo kan ẹnu ọ́síjìn.» Pupa lọ. Wẹ́dà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: «Gírísì ńkọ́?» Nígbà tí ẹnu ibi tí a ń dè mọ́ sílíńdà bá le láti yí, gírísì ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe epo. Sílíńdà ọ́síjìn tó kún lè ní agbára tó tó 2,200 psi nínú. Bí ọ́síjìn bá tú jáde pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀ sórí gírísì, gírísì náà lè gbiná láìsí ìṣáná, láìsí ẹ̀ta iná. Ẹni tó bá ka àkọlé mi máa rò pé gírísì kò léwu. Mo padà fi gírísì síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì pinnu pé ìṣirò ni màá dojú kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Àbá tí wọ́n dá fún mi burú ju àìsàn náà lọ. Wọ́n ní kí n yọ gbogbo àmì kúrò, wọ́n ní àwọn ọmọ Yorùbá á mọ ohun tí mo ń sọ. Mo fi àkọlé kan ṣoṣo dá wọn lóhùn. Nínú fídíò náà, olùkọ́ fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ rẹ́gúlétọ̀, ìfófòó yọ, ó ní: «Họ́ọ̀sì ń jò.» Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sọ ohun tí a máa ṣe bí «họ́ọ̀sì ń jó». Bí ó bá ń jò, ẹ ti sílíńdà, ẹ dè é le tàbí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún fi omi ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń jó, iná ti wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpaná àti sísá ló kù. Yọ àmì kúrò, méjèèjì á di «hoosi n jo». Nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé gáàsì àti iná ni gbogbo rẹ̀, ẹ ní ká máa fi àyíká ọ̀rọ̀ mọ ìyàtọ̀ jíjò àti jíjó? Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ó máa ń ya gbogbo àmì sọ́tọ̀, kò sì ní kà wọ́n:

```python
import unicodedata
def ka(ila):
    d = unicodedata.normalize("NFD", ila)
    return sum(1 for h in d if not unicodedata.combining(h))
```

Ó ka ìlà ọ́síjìn sí 39, bí ojú èèyàn ṣe ń kà á. Mo fi gbogbo 214 sínú rẹ̀, mo fi àbájáde ránṣẹ́ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí mo ka lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i, wọ́n sì gbà. Nínú ìlà tó lé ní ọgọ́ta tó pọ́n, mẹ́sàn-án péré ló yá jù lóòótọ́. Mẹ́sàn-án!

Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni iṣẹ́ gidi wà, mo sì gbádùn wọn. Nínú fídíò wẹ́dà, olùkọ́ máa ń dákẹ́ nígbà tí iná bá ń jó irin. Mo fa àkọlé mẹ́fà wọ inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, èyí tó ní ìṣẹ́jú àáyá 2.5 wá ní 4. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lójú fídíò kí ọwọ́ tó ṣe ohun náà, torí nígbà tí iná bá mọ́lẹ̀ yòò, ọwọ́ ni ojú ń wò.

Méjì nínú àwọn tó kù ni mo tún tò, torí ètò wọn ló burú. Àkọlé kìíní sọ pé «Ẹ lè wọ inú táńkì náà», èyí tó tẹ̀ lé e sọ pé «lẹ́yìn tí a bá ti yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò». Ẹni tí ojú rẹ̀ bá kúrò lórí fídíò lẹ́yìn àkọlé kìíní ti gba àṣẹ láti wọlé. Gáàsì ágọ́nì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń jókòó sínú táńkì, ó máa ń lé ọ́síjìn jáde, kò sì ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó méjèèjì pọ̀ sínú àkọlé kan, ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ló ṣíwájú:

Bí a kò bá tíì yẹ afẹ́fẹ́ táńkì wò,
ẹ má wọlé.

Ẹ wo bí mo ṣe gé ìlà náà. «Ẹ má» kò gbọdọ̀ wà ní ìparí ìlà òkè kí «wọlé» wá dá wà nísàlẹ̀. Ojú tó bá ń sáré máa ń mú ìlà ìsàlẹ̀ nìkan. Bí kò bá gba ìlà kan, ìbòmíràn ni mo máa ń gé e.

Èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́sàn-án náà, nọ́ńbà ló yanjú rẹ̀: «15 psi» ni mo kọ, mi ò kọ iye náà ní ọ̀rọ̀. Òun náà ni òṣìṣẹ́ máa rí lójú rẹ́gúlétọ̀ asẹ́tílìn, ibẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kọjá, torí asẹ́tílìn tó bá kọjá rẹ̀ lè bú gbàmù fúnra rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ǹ bá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà funfun máa ń pòórá nígbà tí iná wẹ́dà bá tàn, gbogbo ojú fídíò á funfun báláú. Àpótí dúdú ló yẹ kó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, fọ́ǹtì náà sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé orí «ọ» àti «ẹ». Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àmì á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Èyí ni mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò:

```
ffmpeg -i fidio.mp4 -vf "subtitles=yo.srt:force_style='FontName=Noto Sans,BorderStyle=3'" yo.mp4
```

Fáìlì `yo.srt` gbọ́dọ̀ jẹ́ UTF-8. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi pamọ́ lọ́nà mìíràn sọ gbogbo «ẹ», «ọ» àti «ṣ» di àmì ìbéèrè.

Wẹ́dà tó bi mí nípa gírísì la fi parí rẹ̀. Mo pa ohùn fídíò náà, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ní kó máa ka àkọlé kọ̀ọ̀kan sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kò kà á tán. Mo fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́.