Bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó pẹ̀lú ẹni tí ìbẹ̀rù àwùjọ ń dà láàmú

Ọjọ́ tí ẹ bá rí oníbàárà náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má bàa fò yín. Ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ ló ṣáájú, ìtumọ̀ tí ẹ fún un tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ètò tó kàn.

Ká ní ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan ni, tí kì í lè lanu sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Lónìí, ó pe ṣọ́ọ̀bù méjì lórí fóònù níṣojú yín láti béèrè iye owó bàtà. Bí ẹ bá kọ “ara rẹ̀ kò balẹ̀” nìkan, ẹni tó bá ṣí fáìlì náà lọ́la kò rí nǹkan kan dì mú. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Kó tó pè, ó ní: ‘Ohùn mi á máa gbọ̀n, wọ́n á sì fi mí rẹ́rìn-ín.’ Ó fi ìbẹ̀rù rẹ̀ sí 80 nínú 100. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, ó sì ń kà á. Wọ́n dá a lóhùn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó pe ìkejì láìmú ìwé dání: 70 kó tó pè, 40 lẹ́yìn rẹ̀.”

Ẹ má fo ìwé yẹn. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, kò ní hàn pé ó ṣeé ṣe kó gbà pé ìwé ló kó òun yọ, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbọ́ yẹn ló ń mú kí ìbẹ̀rù náà pẹ́ lára. Ìpè kejì ló dán an wò.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ojú o. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kó má tẹjú mọ́ àgbà lè máa wolẹ̀ níwájú yín nítorí ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ bi í kí ẹ tó kà á sí àmì àìsàn.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ má kọ “ó ti bọ́.” Èyí tó tọ́ ni: “Ohun tó ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀, kódà nígbà tí kò mú ìwé dání. A kò tíì dé orí ìpàdé ibi iṣẹ́.” Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹ bi í bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀ lára, àti èsì rẹ̀, ìbáà jẹ́ “rárá.”

Ètò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé fojú rí: “Yóò béèrè ìbéèrè kan ní ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìkọ ọ́ sílẹ̀. Yóò kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.” Ẹ fi ọjọ́ ìjókòó tó ń bọ̀ sí i.

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ yọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò. “Ọ̀gá rẹ̀” ti tó. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀, nítorí náà ẹ kà á bí ẹni pé ó jókòó tì yín. Bí àṣìṣe bá yọjú lẹ́yìn ìbuwọ́lù, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ àtúnṣe sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ yín sí i.