Bí tọkọtaya bá jọ ń wa ọkọ̀ kan: àwọn àṣìṣe nídìí bọ́tìnnì ìjókòó

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Lexus, bọ́tìnnì SET, 1 àti 2 wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Àwọn ló ń rántí ipò ìjókòó, sítíárìn àti díńgí ẹ̀gbẹ́ fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí o bá tẹ nọ́ńbà rẹ, wọ́n á padà síbi tí o fi wọ́n sí. Ká ní ọkọ ló ni 1, ìyàwó tó kúrú jù ú lọ ló ni 2.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé díńgí ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń tún ṣe. Bí o bá sún ìjókòó lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ ti kúrò níbi tó wà, díńgí náà ò sì bá a mu mọ́. Ìjókòó ni kó ṣáájú: tẹ bíréèkì délẹ̀, kí orúnkún rẹ ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó àti sítíárìn ló kàn. Kí àyà rẹ jìnnà sí àárín sítíárìn tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán, nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o tó fọwọ́ kan díńgí.

Láti fi ipò yìí pamọ́, tan ọkọ̀, fi jíà sí P, tẹ SET, kí o sì tẹ nọ́ńbà rẹ kí ìṣẹ́jú àáyá 3 tó pé, títí yóò fi dún. Ibí gan-an ni wàhálà wà. Bí ìyàwó bá tún díńgí ṣe díẹ̀, tó tẹ SET, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣèèṣì bọ́ sórí 1, ipò ọkọ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọkọ̀ ò ní bi í pé ṣé ó dá a lójú, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa dá a padà. Bí ọkọ bá tẹ 1 láàárọ̀, ìjókòó á máa gbé e lọ síwájú, orúnkún rẹ̀ á fẹ́ há sábẹ́ sítíárìn. Kó yáa tẹ SET kó lè dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú fi tirẹ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀. Tí ọmọ bá wà lẹ́yìn awakọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ẹni tó ga.

Ní ti ọkọ̀ tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ dá awakọ̀ mọ̀, ẹ má so kọ́kọ́rọ́ méjèèjì mọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ so kọ́kọ́rọ́ kan pọ̀ mọ́ nọ́ńbà, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ nílé. Tí méjèèjì bá wà nínú ọkọ̀, kò ní so pọ̀ dáadáa.

Má sì rò pé gbogbo nǹkan ni bọ́tìnnì yìí ń rántí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, díńgí àárín, ibi tí a ń gbórí lé àti gíga bẹ́líìtì léjìká kò sí nínú rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń tún wọn ṣe, kí ọkọ̀ tó gbéra.