Bí A Ṣe Ń Kọ Ojú-Ewé "Nípa Mi" Bó Bá Jẹ́ Pé Ẹnì Kan Ṣoṣo Ni Wá Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ojú-ewé yìí lórí ìkànnì wọn láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ẹ̀rí oníbàárà, ìyẹn ohun tí ẹni tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ sọ nípa iṣẹ́ yín, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí òun ló máa fi ìtàn tó yẹ kẹ́ ẹ sọ hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká mú olóòtú kan tó ń tún ìwé ìtàn àròsọ ṣe. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni: "Iṣẹ́ rẹ̀ dára gan-an, ẹ gbé iṣẹ́ fún un." Kò wúlò, torí a lè fi gbólóhùn yẹn yin télọ̀. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á ní kí oníbàárà ṣáà bá wọn kọ nǹkan dáadáa. Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ bi í. Kí ló ń bà á lẹ́rù kó tó gbé iṣẹ́ fún yín? Kí ló yí padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ parí? Ẹ jẹ́ kó fi ohùn dáhùn lórí fóònù, torí bí èèyàn bá ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, èdè rẹ̀ á gan. Ẹ yọ àsọtúnsọ kúrò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tiyín kún un, kẹ́ ẹ dá a padà fún un kó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè lo orúkọ rẹ̀.

Ohun tí olóòtú wa rí gbà nìyí: "Ẹ̀rù bà mí pé á sọ ìwé mi di tiẹ̀. Ìbéèrè ló kọ sétí ìwé, kò pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Orí kẹta tó ń sú àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń kà á tán."

Bẹ́ ò bá tíì ní oníbàárà, ẹ fi ìpínrọ̀ kan tẹ́ ẹ fúnra yín kọ hàn, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe hùmọ̀ ẹ̀rí.

Ìtàn wá rọrùn. Ẹ̀rù oníbàárà yẹn ni ìtàn máa dáhùn: olóòtú náà kọ̀wé rí, ẹnì kan tún un kọ títí kò fi dá a mọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè kó tó yí nǹkan padà. Gbólóhùn mẹ́ta tó. Èyí tẹ́ ẹ bá yọ tí ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà ṣiṣẹ́ kò sì fara pa, ẹ jẹ́ kó lọ.

Iṣẹ́ ló kàn, àtèyí tẹ́ ò kì í gbà: "Mo ń tún ìtàn àròsọ ṣe; mi ò gba ìwé ìwádìí." "Mo" ni kẹ́ ẹ kọ, "a" láti ẹnu ẹnì kan ń mú kí oníbàárà máa wá àwọn tó kù. Abẹ́ gbólóhùn iṣẹ́ yìí ni kí ẹ̀rí wà. Bẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀rí jọ sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ kò ní débẹ̀.

Fọ́tò? Fóònù tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lójú ọ̀sán.

Ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì parí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wò láti orí fóònù ẹlòmíì.