Owó lẹ́sìnnì kọ́ ló wo ìpayà ìdánwò ọmọ mi sàn

65,000 náírà ni mo san fún tíṣà lẹ́sìnnì láàárín oṣù mẹ́ta. Mo tún ná 18,500 lórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta: wọ́n ní ibà ni, wọ́n tún ní táífọ́ọ̀dù ni. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọmọ mi obìnrin, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, wọlé ìdánwò móòkì, ó jókòó ti ìwé ìbéèrè ìṣirò fún bí ogójì ìṣẹ́jú láìkọ nǹkan kan, ó sì gba 34 nínú 100. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú, nítorí tíṣà lẹ́sìnnì náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé ọmọ yìí mọ ìṣirò. Nínú gbogbo àwọn tó gbowó lọ́wọ́ mi, ẹnì kan ò bi í pé, “Nígbà tí wọ́n pín ìwé ìbéèrè, kí ló ń lọ lọ́kàn rẹ?”

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Àgíríìkì, ní Ìkòròdú níbí. Ohun tí mo ń rí nílé ni pé, bí ìdánwò bá ku ọ̀la, inú ọmọ yìí á máa dà rú, á ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọwọ́ rẹ̀ á tutù. Bó bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, gbogbo ohun tó kà á sì pòórá. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gba ìwé lọ́wọ́ wọn, tó rìn dé ẹnu géètì, ìdáhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn ní iléèwé kan lápá Ìgbógbó, ló fi àmì yẹn yé mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹni tí kò kàwé ò ní rántí ìdáhùn lẹ́nu géètì. Tiyín kàwé. Ẹ̀rù ló gba àyè tó yẹ kó fi ronú.” Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nǹkan mẹ́ta ló ní kí a tún ṣe: bó ṣe ń mí, bó ṣe ń kàwé, àti ohun tó ń sọ lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ mímí ò le rárá, àfi pé mo ti kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ṣe ni mo máa ń sọ fún un pé, “Mí kanlẹ̀, mí kanlẹ̀,” òun náà á sì máa gba èémí ńlá ńlá kíákíá, títí ojú rẹ̀ á fi máa ṣú, tí ìka rẹ̀ á máa ta á ṣínṣín. Olùdámọ̀ràn ní bí èèyàn bá ń mí léraléra báyẹn, afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó yẹ kó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ló ń mú òòyì àti ìka títa wá, ọmọ á sì rò pé òun fẹ́ dákú. Ohun tó kọ́ wa ni kó fi imú fa èémí sínú níwọ̀nba kíka ení dé ẹẹ́rin, kó wá fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná, títí dé ẹẹ́fà. Kí ikùn máa wú, kí èjìká má gbéra. Ó máa jẹ́ ìmí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó dán an wò nínú ìdánwò kíláàsì. Ọmọ tó bá jẹ́ inú gbọ̀ngàn ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ìwé kíkà náà, a yí i padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ti máa ń ka nóòtì kan náà lákàtúnkà títí di aago méjì òru, ó sì ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n nítorí ojú rẹ̀ ti mọ ojú ìwé náà. A sọ ọ́ di pé kó ka ojú ewé méjì, kó pa ìwé dé, kó kọ ohun tó rántí sórí pépà òfìfo, kó wá ṣí ìwé wo ohun tó fò. Kó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Aago mẹ́wàá alẹ́, iná á kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sọ gbogbo rẹ̀ nù, ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a lò níbẹ̀.

Olùdámọ̀ràn ní kó kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ máa ń sọ ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá gbé ìwé ìbéèrè síwájú rẹ̀, kó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kó má fọ̀ ọ́ mọ́. Ó kọ ọ́ pé: “Tí mo bá fèèlì ìṣirò, ayé mi ti bàjẹ́ nìyẹn.” Wọ́n ní kó fi nọ́ńbà sí i, láti 0 dé 100, bó ṣe gbà á gbọ́ tó. Ó kọ 95. Mo rí 95 yẹn, mo pariwo. Mo ní kó fà á ya, kó máa sọ láràárọ̀ pé, “Orí ni mo jẹ́, n kì í ṣe ìrù, A1 ni mo máa gbà.” Ó sọ ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ṣe ìdánwò kékeré kan ní kíláàsì, ó bì ṣáájú kó tó wọlé.

Mo bínú lọ bá olùdámọ̀ràn. Ó ní mo ti fi adùn bo egbò. Ó ní àdúrà ní àyè tirẹ̀, òun náà ń gbà á, àmọ́ ọmọ tó gba ìbàjẹ́ gbọ́ ní 95 ò lè gba A1 gbọ́ lójijì. Bó bá ti ń sọ ọ́, inú rẹ̀ ń dá a lóhùn pé irọ́ ni, ẹ̀rù méjì á wá wà níbi tí ọ̀kan wà. Ó ní kí a mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù: kí ni ẹ̀rí tó gbè é, kí ni ẹ̀rí tó takò ó?

A ya pépà sí méjì lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Lápá ẹ̀rí tó gbè é, ó kọ 34 tó gbà ní móòkì. Lápá kejì, kò rí nǹkan kan kọ. Èmi ni mo ní kó lọ gbé ìwé ìbéèrè ọdún àtijọ́ tó ṣe nílé wá, kó ṣe máàkì wọn níṣojú mi. 58, 61, 55. Ó kọ wọ́n. A tún bi tíṣà kan, ó fi yé wa pé àwọn Wáẹ̀kì ní ìdánwò ti aládàáni lọ́tọ̀, pé Nẹ́kò náà wà, pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba èsì ìjókòó méjì tí a pa pọ̀. Ó kọ ìyẹn náà. Mo ní kó tún nọ́ńbà kọ. Ó kọ 85. Àárẹ̀ mú mi. Gbogbo ẹ̀rí yìí, mẹ́wàá péré ló yọ!

Olùdámọ̀ràn ní ó túmọ̀ sí pé ohun tí a kọ kọ́ ni ìdí ẹ̀rù náà. Ó ní kí n máa bi í pé, “Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?” kí n má ṣe dá sí i, kí n má tù ú nínú. Alẹ́ ọjọ́ Sunday kan ni mo bi í. Tó o bá fèèlì, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Mi ò ní wọ yunifásítì lọ́dún yìí. Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ mi á lọ, èmi á wà nílé. Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀? Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ ní tí owó yìí bá ṣòfò, ẹ ò ní rán mi níléèwé mọ́, ẹ máa fà mí lé oníṣòwò lọ́wọ́.”

Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Lóṣù díẹ̀ ṣáájú, nígbà tí mo ń ka owó lẹ́sìnnì, mo sọ ọ́ létí ọ̀rẹ́ mi kan, mo rò pé ọmọ ti sùn. Ẹ̀rí gidi nìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mi ló ti jáde. Kò sí ọ̀nà mímí tàbí ẹ̀rí yunifásítì tó lè borí rẹ̀. Ṣe ni mo níláti yí ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀ padà. Mo jókòó tì í, mo ní ọ̀rọ̀ ìbínú ni mo sọ, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo lè ṣe gan-an: tí kírẹ́dítì ìṣirò ò bá wọlé, màá sanwó ìjókòó kejì, ṣùgbọ́n mi ò ní lè san owó lẹ́sìnnì ńlá yẹn mọ́. Mo bá a kọ ọ́ sórí pépà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ìsàlẹ̀: “Ó ṣeé ṣe kí n má rí kírẹ́dítì ìṣirò nínú ìjókòó yìí. Yóò dùn mí, n ó sì tún un kọ. Nílé, mo máa ń gba nǹkan bí 58.” Nọ́ńbà ẹ̀rù náà wálẹ̀ dé 40. Olùdámọ̀ràn ní kí n má lé e dé òdo. Ẹ̀rù díẹ̀ kì í dí èèyàn lọ́wọ́ ìdánwò.

Látìgbà yẹn ni ìyókù ti ń lọ. Ó ń fi aago ṣe ìbéèrè ìṣirò nílé: wákàtí méjì ààbọ̀ fún ìwé kejì, bí Wáẹ̀kì ṣe ń fún wọn. Mo ní kó ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Wáẹ̀kì gan-an, ó ní ọwọ́ òun gbọ̀n, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì kọ̀ jálẹ̀. Ó fi bírò lélẹ̀, ó mí mẹ́fà, ó fo ìbéèrè náà lọ sí ìkẹta tó mọ̀, ó padà wá síbẹ̀ nígbà tó yá. C5 ló gbà. Inú mi dùn sí C5 yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bó bá jẹ́ pé màá tún un bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan péré ni màá ṣe, màá sì bi í ní “Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?” kí n tó san owó lẹ́sìnnì kankan. Ìyá kan ní Òwútù ti wá bá mi lórí ọmọkùnrin rẹ̀, ó ní kí n bá òun ya pépà. Mo gbọ́ pé ọmọ náà kì í sùn mọ́, ìdánwò wà o, kò sí o, ó sì ti ń sọ pé òun ò rí ìdí tí òun fi wà láyé. Mi ò ya pépà kankan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú.