Bí Mo Ṣe Yan Tiransifọ́mà fún Ilé Alájà kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù 14 àti yàrá yìnyín ẹlẹ́ja ló wà nísàlẹ̀ ilé náà, ọ́fíìsì wà lórí wọn, fúláàtì 16 sì wà lókè pátápátá. Iná 11 kV ni yóò wọlé. Nígbà tí mo ka gbogbo ohun tó ń jẹ iná níbẹ̀, ó jẹ́ 427 kW. Mo pín in fún 0.85, ìyẹn power factor tó ń sọ kW di kVA tí wọ́n fi ń ta tiransifọ́mà, ó sì lé díẹ̀ ní 500 kVA. Onílé ní ká kúkú ra 750 kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Àmọ́ gbogbo ẹrù yẹn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí sí wákàtí ni mo fi kà á. Ní aago méjì ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù ń jẹ 49 kW, ọ́fíìsì 63, yàrá yìnyín 36, fúláàtì 30, lífítì àti pọ́ńpù omi 18. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 196. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, fúláàtì á gun 77, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ti tì, ṣọ́ọ̀bù ti ń palẹ̀ mọ́, àpapọ̀ ò ju 151 lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn mú ibi tó ga jù lọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó rò wọ́n pọ̀ di 243, bíi pé ọ̀sán àti alẹ́ jọ ń wáyé. Ọ̀sán ló borí: 196 kW, ìyẹn 231 kVA.

Mo fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kún un lọ́dọọdún fún ọdún 10, ó di 310. Ẹni tó bá wo ìwé nìkan á ra 315. Ohun tí kò jẹ́ kí n rà á ni pé ìgbà tí oòrùn mú jù lẹrù wúwo jù. Ibi tí ìpíndọ́gba ooru ọdún jẹ́ dígírì 20 ni ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ohun èlò iná, fi ṣe òdiwọ̀n. 27 ni mo lò fún Ifẹ̀. Mo mú 500, mo sì yọ dígírì 7 yẹn nínú ooru tí a gbà á láyè: epo ò gbọdọ̀ fi ju 53 lọ gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká, dípò 60, wáyà ò gbọdọ̀ ju 58, dípò 65.

ONAN ni mo kọ síwèé, ìyẹn èyí tí epo àti afẹ́fẹ́ ń yí fúnra wọn. ONAF ní fáànù. Bí fáànù bá kú lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí epo á fi hó. Onílé fẹ́ mọ ògiri yí i ká pinpin. Mo ní kó fi àyè mítà kan sílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kó sì lo búlọ́ọ̀kù oníhò nísàlẹ̀.

Ó wá ku iná tí tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ojú 11 kV ni mítà tó ń ka iná wà, nítorí náà onílé ló ń sanwó rẹ̀. Irin inú rẹ̀ ń jẹ iná ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà, ẹ lò ó, ẹ ò lò ó. Wáyà ń jẹ tiẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù ṣe pọ̀ sí. Ìwé òkè òkun máa ń ka wákàtí 8,760 lọ́dún fún irin. Níbí, bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tiransifọ́mà ti kú. Wákàtí 16 lójúmọ́ ni mo lò, yúníìtì kan ní ₦200, ọdún 15, èlé 20 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó sọ owó ọdún 15 náà di ti ọdún 4.68 lójú owó òní. Owó tí wáàtì kan tí irin ń jẹ máa náni ni A, ti wáàtì kan tí wáyà ń jẹ ní ẹrù kíkún ni B. 270 kVA ni ẹrù ní agbedeméjì 231 àti 310, 0.3 sì jẹ́ nítorí pé ẹrù kì í dúró lókè tọ̀sán-tòru:

```
A = 5,840 × ₦200 × 4.68 ÷ 1,000 = ₦5,466/W
B = A × (270 ÷ 500)² × 0.3 = ₦478/W
```

Òǹtajà méjì ló mú ìwé wá. Ti àkọ́kọ́: irin 1,000 W, wáyà 5,550 W. Ti èkejì: irin 520, wáyà 5,500, ó sì fi ₦2.2 mílíọ̀nù wọ́n ju ti àkọ́kọ́. Wáyà wọn jọra lójú, àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé: dígírì 30 ni àkọ́kọ́ fi wọn tiẹ̀, 75 lèkejì lò. Kọ́pà gbígbóná a máa tako iná sí i, nítorí náà mo fi 235, òǹkà tí a ń lò fún kọ́pà, kún 75 àti 30, mo sì fi 310 ÷ 265 sọ 5,550 yẹn di nǹkan bí 6,500. Ìyàtọ̀ irin jẹ́ 480 W, ti wáyà 1,000 W. Owó wọn lé díẹ̀ ní ₦3.1 mílíọ̀nù. Èkejì ni mo mú. Ká ní wákàtí 8 niná ń wà lójúmọ́, ìdajì rẹ̀, ₦1.55 mílíọ̀nù, ni yóò jẹ́, ǹ bá sì ra ti àkọ́kọ́.

IEC gbà kí irin tàbí wáyà kọjá ìlérí pẹ̀lú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, bí àpapọ̀ wọn ò bá ti kọjá 10. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, bí irin bá ju 520 lọ nínú ìwé àyẹ̀wò, ₦5,466 ni a ó yọ lára owó òǹtajà fún wáàtì kọ̀ọ̀kan.