Ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó ń kọjá ààyè rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá kan tó ń ta fóòmù l'Ọ́jà Àtàkúmọ̀sà n'Íléṣà níbí ni mo ń ka ìpolówó fún. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni wọ́n rà lórí rédíò. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ 50 ló ń gba 20, 50 géérégé náà ni mo kọ, mo sì pe nọ́ḿbà fóònù wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá kà á, 26 ló ń jẹ́. Mo fi Audacity, ètò tí mo fi ń tún ohùn ṣe lórí kọ̀ǹpútà, sún un dé 20, wọ́n ní nọ́ḿbà ò yé àwọn mọ́. Iṣẹ́ náà rèé, ẹ bá mi wò ó.

Ìdáhùn: Àbúrò, nọ́ḿbà fóònù ló jẹ àkókò rẹ. O kà á sí ọ̀rọ̀ kan, ẹnu ò sì lè pè é bẹ́ẹ̀. Nọ́ḿbà 11 ni, "òdo", "ẹ̀jọ", "ẹ̀ta", sílébù méjì-méjì, ó di 22. Ìgbà méjì tí o pè é di 44.

Ọ̀rọ̀ 50 yẹn, ìṣirò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní Yorùbá, sílébù ni kí o máa kà. Fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan, nítorí náà "láàárọ̀" jẹ́ mẹ́rin. "Un" inú "dùn" jẹ́ ẹyọ kan péré. "Ń" tó dá dúró náà jẹ́ ọ̀kan. Sílébù 130 ló wà nínú iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́. Pín in sí 26, márùn-ún ni ò ń pè ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdákẹ́ àti mímí ti wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ẹnu tìrẹ nìyẹn o. Ẹlòmíì lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tún tirẹ̀ wọ̀n.

Má fi ọ̀rọ̀ kún gbogbo 20. Fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sílẹ̀ níwájú, ìdajì lẹ́yìn. Ó ku 19. Ní márùn-ún-márùn-ún, sílébù 95 ni ààyè rẹ gbà, o sì ní 130.

Kọ́kọ́ yọ nọ́ḿbà kejì kúrò: ó ku 108. Lẹ́yìn náà wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ: "Ẹ̀yin ará ìlú Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú ètò ajé o!" Sílébù 22 ni, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lé díẹ̀ ti lọ, kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ ń tà. Fi "Ẹ̀yìn ń dùn yín láàárọ̀?" rọ́pò rẹ̀. Mẹ́sàn-án péré nìyẹn, o rí 13 jèrè, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí 95. Bí ìyá bá ní dandan ni kí wọ́n gbọ́ nọ́ḿbà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n yan ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún sílébù 22. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀kan tó já gaara sàn jù: pe mẹ́rin, dákẹ́ díẹ̀, pe mẹ́ta, dákẹ́, pe mẹ́rin tó kù.

Ní ti Audacity, láti 26 sí 20, o ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìyára rẹ̀. Fáwẹ̀lì ò rí àyè yà sọ́tọ̀ mọ́, "èje" àti "ẹ̀jọ" á sì dà bí ọ̀kan náà létí. Ta ló máa fi ìyẹn tẹ fóònù? Èmi kì í kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gé e sí 95. 19.6 ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ báyìí, síbẹ̀ rédíò gé nọ́ḿbà tó gbẹ̀yìn jẹ.

Ìdáhùn: Wo iwájú fáìlì rẹ. Bí ìdákẹ́ tó wà níbẹ̀ kí o tó lanu bá ju 0.4 lọ, àròpọ̀ rẹ̀ ti kọjá 20 nìyẹn, ohun tó bá sì kọjá 20, gígé ni. Gé ìdákẹ́ yẹn ku 0.5. Lẹ́yìn náà sàmì sí ọ̀rọ̀ nìkan, lọ sí `Change Tempo`, fi `3.2` sí `Percent Change`, 19.6 á di 19. `Change Speed and Pitch` kọ́ o, ìyẹn á fa ohùn rẹ sókè.

Má fọwọ́ kan `Truncate Silence`, torí á jẹ ìdákẹ́ àárín nọ́ḿbà mọ́ ọn. Bí orin bá wà lábẹ́, jẹ́ kó parẹ́ tán kó tó di 20. Sàmì láti 0 dé 20.000, tẹ `Ctrl+T` kí ìyókù lọ, kí o sì fi WAV ránṣẹ́, àfi bí rédíò bá ní MP3 ni àwọn ń gbà. MP3 máa ń fi ìdákẹ́ bíńtín kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì. Tó bá jẹ́ òun ni, gé tìrẹ sí 19.9.